Ìrù Ọ̀rọ̀-Àpèjúwe Nínú Èdè Jámánì: Ta Ni Yóò Gbé Àmì?

Kódà ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì èdè Jámánì rí lè ti gbọ́ *Guten Morgen* àti *Gute Nacht*. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ìkíni méjèèjì, ìyẹn *gut*, "dára". Láàárọ̀, *guten* ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sùn, ó di *gute*. Bí ọjọ́ Ẹtì bá sì rọlẹ̀ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ń túká, ẹ ó gbọ́ *Schönes Wochenende*, kí ìparí ọ̀sẹ̀ yín ó dùn. *Schön* ti gba ìrù tirẹ̀ níbẹ̀, ó ti di *schönes*. Ìkíni mẹ́ta, ìrù mẹ́ta, -en, -e àti -es, kò sì sí èyí tí a lè fi pààrọ̀ èkejì.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ́ èdè náà máa ń dúró síbi yìí pẹ́. Nínú èdè tiwa, aṣọ pupa ni aṣọ pupa ń jẹ́, ìbáà jẹ́ pé aṣọ náà ló já bọ́ lórí okùn, ìbáà jẹ́ pé a rà á, ìbáà jẹ́ pé ẹnìkan wọ̀ ọ́ lọ sóde. "Pupa" kì í mira. Bí ilé ńlá bá pọ̀, a lè pè wọ́n ní ilé ńláńlá, ó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń jókòó sí, kò sì lè jókòó síbẹ̀ láìní ìrù. Kó tó mọ ìrù tí yóò gbà, ó gbọ́dọ̀ wo ọ̀rọ̀-orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ náà ń ṣe nínú gbólóhùn, kó sì tún wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú òun fúnra rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń ṣe ni pé wọ́n á to àtẹ mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀kan fún ìgbà tí *der*, *die* tàbí *das* bá ṣíwájú, ọ̀kan fún ìgbà tí *ein* bá ṣíwájú, ọ̀kan fún ìgbà tí kò sí ohunkóhun níwájú. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló wà nínú àtẹ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48, wọ́n á sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há gbogbo rẹ̀ sórí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Òfin kan ṣoṣo ló bí àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá mọ òfin náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n jáde, àfi ibi méjì péré tí òfin náà ti yẹ̀, àwọn náà sì ní ìdí.

Ohun tí ìrù náà ń sọ

Ẹ̀ka mẹ́ta ni ọ̀rọ̀-orúkọ Jámánì pín sí: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í sì í ṣe abo, tí n ó máa pè ní ẹ̀ka kẹta. Ìpín yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí lójú. Tábìlì jẹ́ akọ, *der Tisch*. Ilẹ̀kùn jẹ́ abo, *die Tür*. Fèrèsé wà ní ẹ̀ka kẹta, *das Fenster*. Bẹ́ẹ̀ inú yàrá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ pọ̀ mọ́ *der*, *die* tàbí *das* rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí nǹkan bá ti di púpọ̀, ìyàtọ̀ akọ àti abo parẹ́, gbogbo wọn ń gba ọ̀nà kan náà.

Ọ̀rọ̀-orúkọ yìí tún lè wà ní ipò kan nínú mẹ́rin. Ipò olùwà ni ti ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ipò àbọ̀ ni ti ohun tí a ṣe nǹkan sí, òun náà ló sì ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-atọ́kùn bíi *für* àti *ohne*. Ipò olùgbà ni ti ẹni tí a fún ní nǹkan tàbí tí a ṣe nǹkan fún. Òun ló ń tẹ̀lé *mit*, *bei*, *von*, *zu*, *aus*, *nach* àti *seit*. Ipò oníǹkan ni ti ẹni tó ni nǹkan. Àwọn olùkọ́ ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Nọminatífì, Akusatífì, Datífì àti Genitífì.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó túmọ̀ sí "náà", èyí tó ń ṣíwájú ohun tí a ti mọ̀, ló ń fi ẹ̀ka àti ipò hàn jù lọ. Bó ṣe ń yí padà rèé:

| Ipò | Akọ | Abo | Ẹ̀ka kẹta | Ọ̀pọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Olùwà | der | die | das | die |
| Àbọ̀ | den | die | das | die |
| Olùgbà | dem | der | dem | den |
| Oníǹkan | des | der | des | der |

Ẹ wo lẹ́tà tó kẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: r, e, s, n, m. Lẹ́tà márùn-ún yìí ni àmì tí mò ń sọ. Àmì r lórí ọ̀rọ̀ akọ ń sọ pé olùwà nìyí. Àmì m ń sọ pé olùgbà ni. Ohun tí etí ará Jámánì ń dúró de kí wọ́n tó pe ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn.

Òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí: àmì náà gbọ́dọ̀ hàn kí ọ̀rọ̀-orúkọ tó dé, ẹnìkan péré ni kó sì gbé e. Ẹ wò ó bí ẹrù tó wà nílẹ̀ láàárín èèyàn méjì tó jọ ń rìn. Bí èyí tó ṣíwájú bá ti gbé e, èyí tó tẹ̀lé e ń rìn lọ́wọ́ òfo. Bí èyí tó ṣíwájú kò bá gbé e, tàbí tí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níwájú, èyí tó kù ló ń rù ú. Èyí tó ṣíwájú ni *der* tàbí *ein*. Èyí tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe.

Nígbà tí der, die tàbí das bá ṣíwájú

Níbí, ọ̀rọ̀ kékeré náà ti gbé àmì nínú gbogbo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Kò sí iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀-àpèjúwe mọ́, ìrù fífúyẹ́ méjì péré ló kù fún un, -e àti -en. A ó fi *alt*, tó túmọ̀ sí ti àtijọ́ tàbí tó ti gbó, wò ó:

| Ipò | Akọ | Abo | Ẹ̀ka kẹta | Ọ̀pọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Olùwà | der alte Tisch | die alte Tür | das alte Fenster | die alten Türen |
| Àbọ̀ | den alten Tisch | die alte Tür | das alte Fenster | die alten Türen |
| Olùgbà | dem alten Tisch | der alten Tür | dem alten Fenster | den alten Türen |
| Oníǹkan | des alten Tisches | der alten Tür | des alten Fensters | der alten Türen |

Yàrá márùn-ún ló ní -e, mọ́kànlá tó kù ní -en. Márùn-ún yẹn kò ṣòro láti mọ̀: gbogbo olùwà tó jẹ́ ẹyọ kan, pẹ̀lú àbọ̀ abo àti àbọ̀ ẹ̀ka kẹta. Ìdí tí àbọ̀ méjì yìí fi tẹ̀lé olùwà ni pé *die* àti *das* kì í yí padà láàárín ipò olùwà àti ipò àbọ̀. Akọ nìkan ló ń yí, láti *der* sí *den*, *den* yìí ló sì gbé -en wá. Bí ẹ bá ti mọ yàrá márùn-ún yẹn, ohun gbogbo tó kù jẹ́ -en.

Kì í ṣe *der* nìkan ló ń ṣe báyìí. *Dieser* (èyí), *jeder* (olúkúlùkù), *welcher* (èwo) àti *alle* (gbogbo) ń gbé àmì bíi tirẹ̀, nítorí náà àtẹ kan náà ni wọ́n ń lò: *dieser alte Tisch*, *jedes alte Fenster*, *alle alten Türen*.

Nígbà tí ein bá ṣíwájú

*Ein*, "kan", ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù jù. Àwọn ìwé a máa pe àtẹ rẹ̀ ní àdàlù, orúkọ tó ń dẹ́rù bani ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká wo *ein* fúnra rẹ̀ ná. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ń gbé àmì gẹ́gẹ́ bí *der* ṣe ń gbé e: *eine*, *einen*, *einem*, *einer*, *eines*. Ibi mẹ́ta péré ni *ein* ti wà ní ìhòòhò, láìní ìrù kankan: olùwà akọ, olùwà ẹ̀ka kẹta, àti àbọ̀ ẹ̀ka kẹta. Bí a bá sọ pé *ein Tisch*, *ein Fenster*, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kò sọ fún wa pé ọ̀kan jẹ́ akọ, èkejì sì wà ní ẹ̀ka kẹta. Níbi mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ló ń ru àmì, *-er* fún akọ, *-es* fún ẹ̀ka kẹta. Níbi gbogbo tó kù, ó padà sí ìrù fífúyẹ́ rẹ̀.

| Ipò | Akọ | Abo | Ẹ̀ka kẹta | Ọ̀pọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Olùwà | ein alter Tisch | eine alte Tür | ein altes Fenster | keine alten Türen |
| Àbọ̀ | einen alten Tisch | eine alte Tür | ein altes Fenster | keine alten Türen |
| Olùgbà | einem alten Tisch | einer alten Tür | einem alten Fenster | keinen alten Türen |
| Oníǹkan | eines alten Tisches | einer alten Tür | eines alten Fensters | keiner alten Türen |

Ẹ fi àtẹ yìí wé ti *der*. Yàrá mẹ́ta péré ló yàtọ̀, àwọn mẹ́ta tí *ein* ti wà ní ìhòòhò. Mẹ́tàlá tó kù kò yí padà rárá. Níwọ̀n ìgbà tí "kan" kò lè jẹ́ púpọ̀, *kein*, "kò sí kankan", ni mo fi sí ìlà ọ̀pọ̀, nítorí ọ̀nà kan náà ni òun àti *ein* ń tọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnìkan náà wà nínú ẹbí yìí: *mein* (tèmi), *dein* (tìrẹ), *sein* (ti ọkùnrin náà), *ihr* (ti obìnrin náà), *unser* (tiwa), *euer* (tiyín).

*Unser* ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Ó parí pẹ̀lú r, ojú sì lè rí r yẹn bí àmì. Kì í ṣe àmì. Ara gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni, gẹ́gẹ́ bí n ṣe jẹ́ ara gbòǹgbò *mein*. *Unser* tó dúró báyìí wà ní ìhòòhò bíi *ein*, nítorí náà *unser kleines Zimmer* ni yàrá kékeré wa, kì í ṣe *unser kleine Zimmer*. Bí *unser* bá fẹ́ gbé àmì, ìrù mìíràn ni yóò fi lé r yẹn: *unserem*, *unseren*, *unserer*. Bí *euer* náà ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí kò sí ohunkóhun níwájú

Ibi tí àwọn ìkíni wa ti wá nìyí. Kò sí *der*, kò sí *ein*, nítorí náà ọ̀rọ̀-àpèjúwe nìkan ló wà láti ru àmì, ìrù *der* fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé wọ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí pọ̀ lára oúnjẹ àti ohun mímu, nítorí pé a kì í ka omi tàbí mílíìkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan:

| Ipò | Akọ (tíì gbígbóná) | Abo (mílíìkì tútù) | Ẹ̀ka kẹta (omi tútù) | Ọ̀pọ̀ (tòmátì pípọ́n) |
|---|---|---|---|---|
| Olùwà | heißer Tee | frische Milch | kaltes Wasser | reife Tomaten |
| Àbọ̀ | heißen Tee | frische Milch | kaltes Wasser | reife Tomaten |
| Olùgbà | heißem Tee | frischer Milch | kaltem Wasser | reifen Tomaten |
| Oníǹkan | heißen Tees | frischer Milch | kalten Wassers | reifer Tomaten |

Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ *der* tí a kọ́kọ́ rí, ẹ ó rí i pé lẹ́tà kan náà ló kẹ́yìn wọn yàrá sí yàrá, àyàfi méjì: oníǹkan akọ àti oníǹkan ẹ̀ka kẹta. *Des* ìbá mú wa retí *heißes Tees*, ṣùgbọ́n *heißen Tees* ni wọ́n ń sọ. Ẹ wo *Tees* àti *Wassers* fúnra wọn. Ọ̀rọ̀-orúkọ ti gbé s náà sára ara rẹ̀. Ẹrù ti ní ẹni tó rù ú, ọ̀rọ̀-àpèjúwe sì tún bọ́ sí -en. Ohun kan náà ló wà nínú *trotz schlechten Wetters*, "láìka ojú ọjọ́ tí kò dára sí", tí ẹ ó máa bá pàdé nínú ìwé ìròyìn. Ibi méjì tí mo ní òfin ti yẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, a lè tú ìkíni. Ẹni tó ní *Guten Morgen* gé gbólóhùn gígùn kúrú ni: mo fẹ́ kí o ní òwúrọ̀ tó dára. Òwúrọ̀ jẹ́ àbọ̀ níbẹ̀, *Morgen* sì jẹ́ akọ, àmì rẹ̀ ni n. *Nacht* jẹ́ abo, àmì rẹ̀ ni e. *Wochenende* wà ní ẹ̀ka kẹta, àmì rẹ̀ ni s. Ní ìparí lẹ́tà, wọ́n ń kọ *Mit freundlichen Grüßen*. *Mit* ń béèrè ipò olùgbà, ìkíni sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ -en. Ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá àti ìyá, *Lieber Vater*, *Liebe Mutter*: ipò olùwà, akọ àti abo.

Iye kò yí nǹkan padà níbí. *Zwei*, *drei* àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ìrù, wọn kò gbé àmì kankan, nítorí náà *zwei reife Tomaten* ni tòmátì pípọ́n méjì. *Viele*, "púpọ̀", ní ìrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni wọ́n ń lò ó, tí ọ̀rọ̀-àpèjúwe méjì bá sì tẹ̀lé ara wọn, ìrù kan náà ni wọ́n ń wọ̀: *viele reife Tomaten*. *Alle* kò bá *viele* lọ; a ti rí i pé ẹbí *der* ni: *alle reifen Tomaten*. *Keine* náà ń gbé àmì: *keine reifen Tomaten*. Ibi tí *viele* àti *alle* ti pínyà yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn tó ti mọ èdè náà dáadáa.

Àwọn ìwé ń pe ìrù tó ń gbé àmì ní ìrù líle, wọ́n sì ń pe èkejì ní ìrù ẹlẹ́gẹ́. Jacob Grimm ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni kan náà tí òun àti àbúrò rẹ̀ Wilhelm kó àlọ́ ilẹ̀ Jámánì jọ. Ìwé gírámà rẹ̀, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1819, ni orúkọ náà ti wá.

Ìpolówó kan, ọ̀nà mẹ́ta

Kò sí ibi tí àtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa ń hàn kedere bíi nínú ìpolówó yàrá. Ẹni tó ń wá yàrá máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, *ein* ló sì kọ́kọ́ ń gé dànù. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ̀kan fúnra wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ ń wá yàrá kékeré tó ní fèrèsé ńlá, ní àárín ìlú, tí kò sí aládùúgbò aláriwo níbẹ̀:

*Ruhiger Student sucht kleines Zimmer mit großem Fenster in zentraler Lage, ohne laute Nachbarn.*

*Student* jẹ́ akọ, òun ló ń wá yàrá, olùwà ni: r. *Zimmer* wà ní ẹ̀ka kẹta, òun ni a ń wá, àbọ̀ ni: s. *Mit* gbé ipò olùgbà wá, *Fenster* sì wà ní ẹ̀ka kẹta: m. *In*, níwọ̀n ìgbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, tí kì í ṣe ibi tí nǹkan ń lọ, ń gba ipò olùgbà, *Lage* sì jẹ́ abo: r. *Ohne* ń gba ipò àbọ̀, aládùúgbò pọ̀: e. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ru àmì tirẹ̀.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíràn, tí kò gé ohunkóhun:

*Ein ruhiger Student sucht ein kleines Zimmer mit einem großen Fenster in einer zentralen Lage, ohne laute Nachbarn.*

*Ruhiger* àti *kleines* kò yí padà, nítorí *ein* tó wà níwájú wọn wà ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n *einem* ti gbé m, *großem* sì di *großen*. *Einer* ti gbé r, *zentraler* sì di *zentralen*. *Laute* dúró bó ṣe wà, torí *ein* kò lè bá ọ̀pọ̀ lọ, kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí yàrá, tí gbogbo wa sì ti mọ èwo là ń sọ:

*Der ruhige Student hat das kleine Zimmer mit dem großen Fenster in der zentralen Lage bekommen, ohne die lauten Nachbarn.*

Ó rí yàrá náà gbà. *Der*, *das*, *dem*, *der*, *die* ló ru gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe márààrún kò ní ju -e àti -en lọ, *laute* náà sì ti di *lauten*.

Ìpolówó yìí tún fi hàn wá bí a ṣe lè mọ àṣìṣe láìṣí ìwé. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni kí èèyàn méjì gbé ẹrù kan: *mit einem großem Fenster*. Bí m bá tẹ̀lé m báyìí lẹ́yìn *einem*, *dem* tàbí *meinem*, èkejì gbọ́dọ̀ di n. Èkejì ni kí ẹnikẹ́ni má gbé e: *ein kleine Zimmer*. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà láti *ein* dé *Zimmer*, kí ẹ wá r, s tàbí m tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ọwọ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni àìpé náà wà. Irú àṣìṣe kẹta kò sí lọ́wọ́ ìrù rárá: ẹni tó gbà pé *Zimmer* jẹ́ akọ yóò kọ *kleiner Zimmer*, òfin náà yóò sì pé pérépéré lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ẹ̀ka rẹ̀. Àtẹ kankan kò lè gba ẹni bẹ́ẹ̀, àfi kó padà lọ kọ́ *das Zimmer*.

Gbogbo èyí kan ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó wà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan. Bí ó bá kọjá sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ó bọ́ ìrù sílẹ̀ pátápátá: *Das Zimmer ist klein*, *Der Tee ist heiß*. Díẹ̀ nínú wọn kì í sì gba ìrù níbikíbi, bíi *rosa* àti *lila*, orúkọ àwọ̀ méjì, àti ọ̀rọ̀ tí a mú jáde láti ara orúkọ ìlú: *der Kölner Dom*, *im Kölner Dom*, kò yí padà.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ pàápàá kò gbẹ́yìn

Ohun tó máa ń ya àwọn ará ilé wa lẹ́nu ni pé òfin yìí wọ inú orúkọ àwọn àjọ. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Jámánì ń jẹ́ *Deutscher Fußball-Bund*. Bó ṣe wà lórí ìwé nìyẹn, láìsí ohunkóhun níwájú, *Bund* sì jẹ́ akọ: r. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn ìròyìn, *der Deutsche Fußball-Bund* ni, nítorí *der* ti gbé r. Àjọ Àgbélébùú Pupa wọn ni *Deutsches Rotes Kreuz*. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe méjì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbé s, nítorí ìrù kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀. Fi *das* síwájú, méjèèjì á jọ yí padà: *das Deutsche Rote Kreuz*. Ilé aṣòfin wọn ní Berlin, *Deutscher Bundestag*, di *der Deutsche Bundestag*. Ẹni tó ń wá orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ kan náà ni, kò sì yẹ kó máa rò pé àjọ mìíràn ni wọ́n ń sọ.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ náà yóò sọ pé òun wà *beim Deutschen Roten Kreuz*. Lójú, kò sí *der*, *die* tàbí *das* níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ -en ni ìrù méjèèjì. Àwọn tó ti há àtẹ kẹta sórí máa ń fẹ́ kọ *Deutschem Rotem*. Ẹ wo *beim* dáadáa. *Bei* àti *dem* ni wọ́n pa pọ̀, m *dem* sì ṣì wà ní ìparí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni *im* jẹ́ *in dem*, *vom* jẹ́ *von dem*, *zum* jẹ́ *zu dem*, *am* jẹ́ *an dem*. *Zur* jẹ́ *zu der*, *ins* sì jẹ́ *in das*. Ọ̀rọ̀ kékeré náà fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, àmọ́ òun ló ru àmì. Nítorí náà, *im Deutschen Bundestag*, *zur alten Tür*, *im kleinen Zimmer*. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá sì ń wọ inú yàrá tuntun rẹ̀ lọ, tí *in* kò sọ ibi tí ó wà mọ́ bí kò ṣe ibi tí ó ń lọ, *ins kleine Zimmer* ni: *das* ló wà nínú *ins*, ipò àbọ̀ ni, ọ̀kan nínú yàrá márùn-ún tó ń gba -e.